Lẹ́tà Tó Gbọ́dọ̀ Kọ́kọ́ Dé Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá

Bí báńkì bá ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn oníbàárà ní ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ kò tíì tán nínú ilé. Àwọn kaṣíà á jókòó ti owó ọjọ́ náà, wọ́n á kà á, wọ́n á dì í ní ìdì-ìdì, wọ́n á kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ sí yàrá onírin tí wọ́n ń kó o pamọ́ sí. Ènìyàn méjì ló ń ṣí yàrá yẹn. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀kan, nọ́ńbà àṣírí wà lórí èkejì, kò sì sí èyí tó lè dá a ṣí nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin kan, ẹni ọdún 29, ni kọ́kọ́rọ́ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka báńkì kan ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Ó ti lo ọdún 3 níbẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, ó rí ìkéde lórí ojú ewé tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì náà nìkan ń ṣí: ẹ̀ka tó ń yẹ ìwé àwọn tó fẹ́ yáwó wò ní olú ilé iṣẹ́ wọn l'Ékòó ń wá ènìyàn 2, láti inú ilé ni wọ́n sì ti fẹ́ mú wọn. Ipò kan náà ni, owó oṣù kan náà ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ti ń wù ú látìgbà tó ti wọ báńkì nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ 2 ló kù kí ìkéde náà parí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe níbí ni pé wọ́n á sáré tẹ ibi tí wọ́n kọ Apply sí, wọ́n á wá máa gbàdúrà kí ọ̀gá má tètè gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Bí àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ bá ti gba ìwé, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ pè ni máníjà tí onítọ̀hún wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á bi í pé irú òṣìṣẹ́ wo nìyí. Etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Máníjà tó bá jẹ́ ẹnu ará Èkó ló ti gbọ́ pé ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá owó òun fẹ́ lọ, bó ti wù kó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ tó, yóò rò ó pé wọ́n sọ òun di àlejò nínú ilé ara òun. Ẹ̀rí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa jẹ́ lórí fóònù lọ́jọ́ náà kì í kún ẹnu.

Ìdí nìyí tí ímeèlì kan fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ọ̀pọ̀ kò sì mọ ohun tí ímeèlì náà wà fún. Wọ́n ń kọ ọ́ bí ẹni tó ń wá iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tuntun náà kò sí lọ́wọ́ máníjà Dùgbẹ̀, ọ̀gá Èkó ló ni ín. Ohun méjì péré ló wà lọ́wọ́ máníjà Dùgbẹ̀: ẹ̀rí tó máa jẹ́ nípa òṣìṣẹ́ rẹ̀, àti ọjọ́ tó máa yọ̀ǹda rẹ̀. Ohun tó sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ju méjèèjì lọ ni àlàfo tí ẹni tó bá lọ máa fi sílẹ̀. Lẹ́tà tí kò bá fọwọ́ kan àlàfo yẹn kò tíì bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ rárá.

Ẹ wo irú èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo fẹ́ fi tó yín létí pé mo ti gbé ìwé sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan l'Ékòó. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kan náà, mi ò sì rí ìtẹ̀síwájú kankan níbí. Òṣìṣẹ́ takuntakun ni mí, mo gboyè nínú ìṣirò owó, mo sì tètè máa ń mọ nǹkan. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi fọwọ́ sí i kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ ṣé, sà."

Kò sí èébú níbẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ ò sì ní ohun búburú lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó sórí àga máníjà kí ẹ tún un kà. "Mo ti gbé ìwé sílẹ̀" túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti kọjá lórí rẹ̀. "Mi ò rí ìtẹ̀síwájú kankan níbí" jẹ́ ẹjọ́ tí wọ́n fi òun fúnra rẹ̀ rò, nítorí òun ló ni ibẹ̀. Ó ti mọ oyè tó gbà, ó wà nínú fáìlì. Ọjọ́ Ẹtì jẹ́ àṣẹ tí ọmọ iṣẹ́ pa fún ọ̀gá. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn rẹ̀, ìyẹn ta ni yóò mú kọ́kọ́rọ́, kò rí ìdáhùn sí i. Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí irú ìbéèrè yẹn, "jẹ́ ká wò ó ná" ló máa ń sọ, "jẹ́ ká wò ó ná" sì lè di oṣù 6.

Kí obìnrin wa tó kọ ohunkóhun, ìwé kan wà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí, ìyẹn ìwé òfin òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà. Ohun mẹ́ta ló ń wá níbẹ̀. Àkọ́kọ́, iye ìgbà tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ lò lẹ́nu iṣẹ́ kan kó tó lè bèèrè òmíràn. Oṣù 12 wọ́pọ̀, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń béèrè oṣù 18 tàbí ọdún 2. Èkejì, bóyá máàkì tó gbà nínú ìgbéléwọ̀n ọdún tó kọjá tó, àti bóyá ìwé ẹ̀sùn kankan wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù: ṣé ìyọ̀ǹda máníjà ni òfin ń béèrè, àbí kí máníjà ṣáà ti mọ̀ sí i? Ọ̀nà wọn jìn síra. Níbi tí òfin bá ti ń béèrè ìyọ̀ǹda, lẹ́tà náà jẹ́ ẹ̀bẹ̀. Níbi tí ó bá jẹ́ pé kí ó ṣáà mọ̀ ni, lẹ́tà náà jẹ́ ìfitónilétí tí a fi ọ̀wọ̀ wé. Ẹni tí kò mọ èyí tí òun ń kọ lè máa tọrọ ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, tàbí kó máa pàṣẹ níbi tó yẹ kó ti tọrọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dun ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní báńkì wa, kò sì yẹ ká fò ó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jókòó ní káúńtà kì í ṣe òṣìṣẹ́ báńkì fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló gbà wọ́n tó sì kó wọn síbẹ̀, òun náà ló ń san owó oṣù wọn. Wọ́n ń wọ aṣọ báńkì, wọ́n ń ka owó báńkì, ṣùgbọ́n ìkéde inú ilé kì í sábà kàn wọ́n. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, kó wo orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lókè rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti báńkì, lẹ́tà tó máa kọ sí máníjà yàtọ̀ pátápátá: kí wọ́n sọ òun di ojúlówó òṣìṣẹ́ ló máa béèrè, kì í ṣe kí wọ́n gbé òun lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ẹ jẹ́ ká gbà pé obìnrin wa ti kúrò ní ipele yẹn.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, nítorí náà kì í ṣe ímeèlì ni máníjà yóò ti kọ́kọ́ rí i. Ó máa bẹ̀bẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Kò ní lọ ní òwúrọ̀ tí wọ́n ń kó owó jáde, kò sì ní lọ ní ìparí oṣù tí orí gbogbo ènìyàn ń gbóná. Ọjọ́rú ló lọ, ọjọ́ kejì tó rí ìkéde, lẹ́yìn tí wọ́n ti ka owó tán. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ímeèlì tẹ̀ lé e. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa fi kọ irú rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n bó ṣe máa dún lédè wa nìyí. Ní ojú ìlà Subject, ó kọ "Ìbéèrè láti lọ sí ẹ̀ka àyẹ̀wò ìyáwó, Èkó: ìkéde 0417". Lẹ́yìn náà:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ ṣé tí ẹ fún mi láyè lónìí. Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ, mo fẹ́ gbé ìwé sílẹ̀ fún iṣẹ́ àyẹ̀wò ìyáwó ní olú ilé iṣẹ́. Ìkéde náà máa parí lọ́jọ́ 28 oṣù yìí. Mi ò tíì fi ìwé kankan ránṣẹ́, mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ sí i.

"Láti ọdún tó kọjá tí ẹ ti ní kí n máa bá wọn to ìwé àwọn oníṣòwò tó fẹ́ yáwó, mo ti to fáìlì 46. Mẹ́ta ni Èkó dá padà nínú wọn. Iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ mọ̀ dé gbòǹgbò.

"Ní ti kọ́kọ́rọ́ yàrá owó, nígbà tí mo lọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ 2 ní oṣù Kẹta, ẹnì kejì mi ní káúńtà ló mú un, owó sì pé lójoojúmọ́. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni bí a ṣe ń kó owó sínú ẹ̀rọ apọwó, mo lè fi ọ̀sẹ̀ 4 kọ́ ọ. Mi ò ní béèrè láti lọ kí a tó parí ìṣirò ìdajì ọdún ní òpin oṣù Kẹfà.

"Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni kí ẹ gbà mí láyè láti fi ìwé náà ránṣẹ́, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ lè yọ̀ǹda mi bí wọ́n bá mú mi. Ẹ ṣé, sà."

Kò ju ìpínrọ̀ mẹ́rin lọ. "Mi ò tíì fi ìwé kankan ránṣẹ́" ló gbé ọ̀gá padà sí ipò rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́, nítorí ojú ewé ìkéde máa ń kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ìwé dé sílẹ̀. Fáìlì 46 kì í ṣe ìyìn ara ẹni: ó wà nínú ìwé ẹ̀ka náà, máníjà lè ṣí i wò. Mẹ́ta tí Èkó dá padà ló jẹ́ kí 46 ṣeé gbà gbọ́, torí ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ mọ̀ pé kò sí ẹni tí wọn kì í dá ìwé rẹ̀ padà. Ó tún rán máníjà létí pé òun ló fún un níṣẹ́ yẹn. Bí ọmọ iṣẹ́ bá lọ sí Èkó lọ ṣe dáadáa, ọwọ́ òun ló ti kọ́ ọ.

Ibi tí lẹ́tà náà ti lágbára jù ni ọ̀rọ̀ ìsinmi oṣù Kẹta. Gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá ń rò pé ẹ̀ka òun kò lè dúró láìsí òun, kó lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó lọ ìsinmi gbẹ̀yìn. Ta ló dúró fún un? Kí ló dúró pátápátá títí tó fi dé? Ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ẹni tó máa gbapò rẹ̀. Ìdáhùn ìkejì ni ohun tó gbọ́dọ̀ kọ́ ẹni náà. Kò sí ìlérí tó lè ṣe iṣẹ́ tí ọ̀sẹ̀ 2 tí owó pé ti ṣe. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó ti sọ fún ẹnì kejì yẹn kó tó kọ nǹkan rẹ̀ sínú lẹ́tà. Bó bá jẹ́ ẹnu máníjà ni onítọ̀hún ti gbọ́ pé òun ni ẹrù ń bọ̀ lórí rẹ̀, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn.

Ó tún ní ohun tí kò sí nínú lẹ́tà náà. Kò sí ọ̀rọ̀ owó, kò sí owó ìkẹ́rù lọ sí Èkó. Ọ̀gá Èkó àti ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ló ni ìyẹn, ìgbà tí wọ́n bá mú un ni yóò sọ ọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ ilé náà. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, gbólóhùn kan tó. Lẹ́tà yìí kò ní dúró sọ́dọ̀ ẹnì kan. Bó bá dára, ohun tí máníjà máa ṣe ni pé yóò tẹ Forward, yóò kọ "Mo fọwọ́ sí i" sókè rẹ̀, yóò fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka òṣìṣẹ́, àwọn yẹn á sì fi ránṣẹ́ sí Èkó. Ohun tí ènìyàn kò bá fẹ́ kí ènìyàn mẹ́ta tí kò mọ̀ rí kà, kó má kọ ọ́ síbẹ̀.

Ojú ìlà Cc gbọ́dọ̀ ṣófo. Ẹni tó bá fi orúkọ ẹ̀ka òṣìṣẹ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti pe ẹlẹ́rìí sọ́rọ̀ tí kò tíì di ẹjọ́. Bcc tún burú jù ú lọ. Àwọn kan rò pé ìkọ̀kọ̀ ni, ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n fi síbẹ̀ bá ṣèèṣì tẹ Reply All, ìdáhùn rẹ̀ máa bọ́ síwájú máníjà, àṣírí tú.

Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí ó ti wà kí ímeèlì tó dé. Nínú iṣẹ́ ìjọba àti ní yunifásítì wa, òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà máa ń kọ UFS tàbí Through sábẹ́ orúkọ ẹni tó ń kọ ọ́ sí, yóò wá fi ipò ọ̀gá tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Láti ayé òyìnbó amúnisìn ni UFS ti wá. Ó túmọ̀ sí lẹ́tà tí wọ́n lẹ òǹtẹ̀ mọ́ ṣùgbọ́n tí wọn kò lẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹni tó wà láàárín lè kà á, kó sọ èrò tirẹ̀ sí i, kó tó tì í lọ síwájú. Lẹ́tà tó bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kọjá ọ̀gá, dídá ni wọ́n sábà máa ń dá a padà. Ilé iṣẹ́ aládàáni kò kọ UFS mọ́, ṣùgbọ́n ímeèlì obìnrin yìí ń ṣe iṣẹ́ kan náà: ó ń gba iwájú ọ̀gá kọjá, ó ṣí sílẹ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún un láti kọ tirẹ̀.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Bí máníjà bá fi ẹnu sọ pé "kò burú, máa lọ" nígbà tí wọ́n pàdé ní àtẹ̀gùn, kò tíì tó. Ó gbọ́dọ̀ padà sórí ímeèlì tó kọ, kó fi gbólóhùn méjì kún un: "Ẹ ṣé, sà, fún àyè tí ẹ fún mi láàárọ̀ yìí. Mo máa fi ìwé náà ránṣẹ́ lọ́la." Bí máníjà bá yí padà, tàbí tí wọ́n bá gbé òun gan-an lọ sí ẹ̀ka mìíràn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ohun tí wọ́n jọ sọ wà nílẹ̀.

Bó bá dákẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ 5 ló yẹ kó fún un. Ìdí tó fi yẹ kí ẹni tó rí ìkéde tètè kọ̀wé nìyẹn. Ẹni tó kọ ọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 15, ṣì ní àyè láti rán ọ̀gá létí lọ́jọ́ 22, kí ọjọ́ 28 tó dé. Ẹni tó dúró di ọjọ́ 26 kò ní àyè kankan, àwọn ọ̀gá sì mọ ẹni tó fi àìsí àyè tì wọ́n sí kọ̀rọ̀.

Bó bá sọ pé rárá ńkọ́? Ìbéèrè tó wúlò ni "Kí ló gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ẹ tó lè yọ̀ǹda mi, sà?" Bí ìdáhùn bá ní ohun tí a lè dì mú, bíi "títí wọ́n á fi fún wa ní kaṣíà kan sí i," ó lè kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fi ọjọ́ sí i. Bí òfin ilé iṣẹ́ bá sì sọ pé kí máníjà ṣáà ti mọ̀ sí i ni, ó lè fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ láìsí ìyọ̀ǹda, ṣùgbọ́n kó sọ fún ọ̀gá lọ́jọ́ náà pé òun ti fi ránṣẹ́. Níbi tí òfin bá ti ń béèrè ìyọ̀ǹda, ẹ̀ka òṣìṣẹ́ nìkan ló kù, kò sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kí ọ̀gá tó mọ̀ pé ó ń lọ.

Ti ìgbéga yàtọ̀ díẹ̀. Níbẹ̀, máníjà kì í ṣe ẹni tó ń yọ̀ǹda nìkan, òun náà ló máa ń dárúkọ ẹni. Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ dé kí ìgbéléwọ̀n ọdún tó bẹ̀rẹ̀, torí bí wọ́n bá ti fi orúkọ ránṣẹ́ tán, ó di ọdún tó ń bọ̀. Kò sì ní sọ pé òun ń ṣe iṣẹ́ òun dáadáa, ìyẹn ló ń gba owó lé lórí. Ohun tó máa tò síbẹ̀ ni iṣẹ́ ipò òkè tó ti ń ṣe ná: iye ọjọ́ tó dúró fún ọ̀gá káúńtà nígbà tí ìyẹn kò sí, àwọn tuntun tó kọ́ níṣẹ́, àṣìṣe tó rí kí àwọn ayẹ̀wéwò tó dé. Kó má dárúkọ ẹlẹgbẹ́ tí wọ́n gbé ga ṣáájú rẹ̀. Kó má sì fi iṣẹ́ tí báńkì mìíràn fún un halẹ̀, àyàfi tó bá ti ṣe tán láti lọ lóòótọ́.

Ọ̀fìn kan ṣì wà fún àwọn tó wà nínú ilé iṣẹ́ ńlá tó ní ọ̀pọ̀ ọmọ. Bí báńkì bá ní ilé iṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì tàbí ti ìbánigbófò lábẹ́ orúkọ kan náà, lílọ síbẹ̀ lè dà bí lílọ láti yàrá kan sí èkejì, bẹ́ẹ̀ agbanisíṣẹ́ mìíràn ni lójú òfin. Owó ìfẹ̀yìntì kò ní ìṣòro: lábẹ́ òfin ọdún 2014, àpò owó náà ti òṣìṣẹ́ ni, ó ń bá a lọ síbikíbi, agbanisíṣẹ́ tuntun á máa san ó kéré tán 10 nínú ọgọ́rùn-ún, òṣìṣẹ́ á san 8. Ohun tó yẹ kó béèrè kó tó fọwọ́ sí ìwé tuntun ni bóyá ọdún tó ti lò ṣì ka, àti bóyá ìdánwò oṣù 6 ti ẹni tuntun máa tún bẹ̀rẹ̀.

Ká padà sí Dùgbẹ̀. Máníjà fọwọ́ sí i, ó kọ ọjọ́ 5 oṣù Keje sílẹ̀ fún ìyọ̀ǹda, Èkó sì mú un. Ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ti tì, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ ka gbogbo owó tó wà nínú yàrá náà lẹ́ẹ̀mejì, máníjà dúró tì wọ́n. Wọ́n kọ iye owó, ọjọ́ àti aago sínú ìwé kọ́kọ́rọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fọwọ́ sí i. Ó ya fọ́tò ojú ìwé náà, máníjà ló sọ pé kó yà á, kó tó gbé kọ́kọ́rọ́ náà sórí tábìlì.